Ìdáhùn 3 sí ìdáhùn 6: ṣé ímeèlì kejì ló dára jù lóòótọ́?

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àbúrò mi ń rán yunifọ́ọ̀mù fún àwọn ilé-ìwé aládàáni. A kọ ímeèlì oríṣi méjì láti fi wá oníbàárà. A fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ilé-ìwé 40 ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé, a fi ìkejì ránṣẹ́ sí 40 mìíràn ní Abẹ́òkúta ní Ọjọ́bọ̀. Ìkejì kúrú ju àkọ́kọ́ lọ, àkọlé rẹ̀ yàtọ̀, ìbéèrè tó wà ní ìparí rẹ̀ náà yàtọ̀. Ilé-ìwé 3 ló dáhùn àkọ́kọ́, 6 ló dáhùn ìkejì. Àbúrò mi ní ká da àkọ́kọ́ nù, pé ìlọ́po méjì ni ìkejì fi dára jù ú lọ. Ilé-ìwé 200 ló ṣẹ́kù ní ìlú méjèèjì tí a kò tíì kọ̀wé sí. Ṣé ká fi ìkejì ránṣẹ́ sí gbogbo wọn?*

Rárá o, ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìkejì dára jù lóòótọ́, àmọ́ iye tí ẹ rí yìí kò lè sọ ọ́ fún yín. Ìdí méjì ló fà á. Lọ́nà kìíní, ẹ̀dà méjèèjì kò bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà. Lọ́nà kejì, ká tilẹ̀ ní wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà, 3 àti 6 sún mọ́ra ju bó ṣe rí lójú lọ. Ìdí kejì yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, nítorí náà òun ni ká kọ́kọ́ tú wò. Ẹ jẹ́ ká máa pe ímeèlì àkọ́kọ́ ní A, ká pe ìkejì ní B.

Ohun tí 3 àti 6 ń sọ

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tì ná. "Ìdá 15 nínú 100" máa ń dún bí ohun tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó sì ń bò ó mọ́lẹ̀ pé èèyàn 6 péré ló wà nídìí rẹ̀. Iye ìdáhùn gan-an ni kí ẹ wò: 9 ni gbogbo rẹ̀. Ká ní ọ̀rọ̀ kan náà lẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé-ìwé 80, tí kò sí A tàbí B rárá. Ìdáhùn 9 yẹn ì bá ṣì wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ì bá sì bọ́ sí apá kan tàbí èkejì bí owó ẹyọ tí a jù sókè ṣe ń fi orí tàbí ìrù balẹ̀. Tí ẹ bá ju owó ẹyọ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, báwo ló ṣe máa ń wáyé tó pé kó pín sí 6 àti 3, tàbí kó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ? Nǹkan bí ìdajì ìgbà ni. Ọ̀nà 512 ni owó ẹyọ 9 lè gbà balẹ̀, 260 nínú wọn ló ń mú 6 sí 3, 7 sí 2, 8 sí 1 tàbí 9 sí 0 wá. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín nínú Google Sheets tàbí Excel:

```
=2*(1-BINOM.DIST(5,9,0.5,TRUE))
```

Èsì rẹ̀ jẹ́ 0.5078. Àpapọ̀ ìdáhùn ni 9, iye tó tóbi jù tí a yọ 1 kúrò nínú rẹ̀ sì ni 5. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ẹ lè fi ímeèlì kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ọ̀wọ́ méjì, kí ẹ sì rí irú ìyàtọ̀ tí ẹ rí yìí láìjẹ́ pé ẹ yí ohunkóhun padà. Ìyàtọ̀ tó lè wáyé lásán ní ìdajì ìgbà kò tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ da iṣẹ́ nù.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè gbà ṣe é láìsí kọ̀ǹpútà. Ẹ ro ìdáhùn méjèèjì pọ̀, ẹ tẹ √ lórí ẹ̀rọ ìṣirò fóònù yín, kí ẹ sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Tí àlàfo tó wà láàárín A àti B kò bá ju iye tí ẹ rí yẹn lọ, ẹ má pe ẹnikẹ́ni ní olúborí. Ti yín nìyí: 3 àti 6 jẹ́ 9, √9 jẹ́ 3, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 6, àlàfo yín sì jẹ́ 3. Kò ju ìdajì ọ̀nà lọ. Nínú ìdáhùn 9, àfi kó jẹ́ 8 sí 1 kí ọ̀rọ̀ tó yí padà. 7 sí 2 pàápàá kò tó. Ìlànà yìí ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iye ilé-ìwé tó gba A àti B bá dọ́gba, tí ìdáhùn sì kéré sí iye tí ẹ fi ránṣẹ́, bó ṣe sábà máa ń rí nínú irú iṣẹ́ yín. Àlàfo tó bá rékọjá ààlà náà kì í sábà wáyé lásán ju nǹkan bí ìgbà 5 nínú 100 lọ.

Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣókùnkùn tó ní ti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún: 3 nínú 40 bá ímeèlì tó ń mú ìdáhùn 3 nínú 100 wá mu, ó sì bá èyí tó ń mú 20 nínú 100 wá mu. 6 nínú 40 bá ohunkóhun láti 7 títí dé 29 nínú 100 mu. Ibi tí àwọn méjèèjì ti wọnú ara wọn gbòòrò gan-an.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà

Ká wá padà sórí ìdí kìíní. Ohun márùn-ún ló yàtọ̀ láàárín A àti B: ìlú, ọjọ́, gígùn, àkọlé àti ìbéèrè ìparí. Ká ní 8 sí 1 lẹ tilẹ̀ rí, ẹ kò ní mọ èwo ló ṣe é. Ó lè jẹ́ pé àwọn ilé-ìwé Abẹ́òkúta kò ní aránṣọ tó tó ni. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ Ajé ni ìpàdé àwọn olùkọ́ ń bọ́ sí, tí ọ̀gá ilé-ìwé kò ráyè yẹ ímeèlì wò. Nínú gbogbo rẹ̀, ìlú àti ọjọ́ ló burú jù, nítorí wọn kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ rárá, síbẹ̀ wọ́n lè gbé B ga tàbí kí wọ́n fà á walẹ̀.

Nínú ohun mẹ́ta tó kù, ìbéèrè ìparí ni mo máa ní kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Pẹ̀lú ilé-ìwé 200, ohun tó lè mú ìyàtọ̀ ńlá wá nìkan ló yẹ kí ẹ fi ìdánwò wá. Bóyá ẹ kọ "Ẹ káàárọ̀" tàbí "Ẹ kú iṣẹ́" ní ìbẹ̀rẹ̀ kò lè hàn nínú iye tó kéré báyìí. Àkọlé máa ń pinnu bóyá wọ́n á ṣí ímeèlì, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fọkàn tán iye tí ẹ̀rọ bá sọ pé wọ́n ṣí i. Láti September 2021 tí Apple ti gbé iOS 15 jáde ni áàpù Mail wọn ti ń kó àwòrán inú ímeèlì wálẹ̀ fúnra rẹ̀ fún ẹni tó bá gba ààbò náà láyè, títí kan àwòrán bíńtín tí wọ́n fi ń ka ẹni tó ṣí i. Ẹni tí kò kà á rárá á wá dà bí ẹni tó ti ṣí i. Iye ìtẹ̀ líǹkì náà kò mọ́, torí ẹ̀rọ ààbò àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń tẹ líǹkì wò kí ímeèlì tó dé ọ̀dọ̀ èèyàn. Ìdáhùn tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni kí ẹ kà.

Nítorí náà, ẹ mú ímeèlì kúkúrú náà, pẹ̀lú àkọlé rẹ̀, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí méjì. Kí gbogbo rẹ̀ bára mu dé orí àmì ìdánudúró, àyàfi gbólóhùn tó kẹ́yìn. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ̀dà tuntun méjì yìí ni à ń pè ní A àti B. Kí ti A parí báyìí:

"Ṣé ẹ lè yọ̀ǹda ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ká wá fi àpẹẹrẹ aṣọ hàn yín?"

Kí ti B parí báyìí:

"Ṣé kí n fi iye owó ṣẹ́ẹ̀tì àti súwẹ́tà ránṣẹ́ sí yín?"

Ẹ ṣọ́ra níbi tí ẹ bá ti fẹ́ so nǹkan mọ́ ọ̀kan nínú wọn. Tí ẹ bá so ìwé iye owó mọ́ B tí ẹ kò so ohunkóhun mọ́ A, ẹ ti yí ohun méjì padà nìyẹn, nítorí ohun tí a so mọ́ ímeèlì lè mú kó já sínú àpótí spam. Kí àdírẹ́sì tó ń fi í ránṣẹ́, orúkọ tó wà nísàlẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù jẹ́ bákan náà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà méjèèjì ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì Gmail, Yahoo àti Outlook tó jẹ́ ti ara yín, kí ẹ wo ibi tí wọ́n bọ́ sí.

Ohun kan tún wà nínú ìbéèrè méjì yìí tó yẹ kí ẹ rí. Ó rọrùn fún ọ̀gá ilé-ìwé láti dáhùn B pé "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi ránṣẹ́", kó sì gbàgbé yín lọ́la. Ẹni tó bá dáhùn A ti fẹ́ kí ẹ wá sí ilé-ìwé òun. Ìdáhùn kan ní apá B kò wúwo tó ìdáhùn kan ní apá A. Tí ẹ bá ka ìdáhùn lásán, B lè borí láìmú iṣẹ́ kankan wá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú ohun tí ẹ máa kà. Ohun tí màá dábàá ni pé kí ẹ ka ilé-ìwé tó bá ṣe ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta láàárín ọjọ́ 21: kó dá ọjọ́ tí ẹ máa wá, kó béèrè àpẹẹrẹ aṣọ, tàbí kó dúnàá-dúrà lórí iye tí ẹ dá lé e. "Ẹ ṣé, a ti rí i" kò sí lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdáhùn tí ẹ̀rọ ń fọn jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí èèyàn bá wà nísinmi.

Ẹ ṣẹ́ kèké fún àwọn ilé-ìwé náà

Ẹ má fojú pín wọn, ẹ má sì fi a-b-d pín wọn. Ẹni tó bá fojú pín nǹkan á fi àwọn ilé-ìwé tó mọ̀ pé ó lówó sí apá tó wù ú láìmọ̀. Ẹ kó gbogbo 200 sínú Google Sheets: orúkọ ilé-ìwé nínú òpó kìíní, ìlú nínú ìkejì, bóyá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni tàbí girama nínú ìkẹta, ẹni tó ni ín nínú ìkẹrin. Nínú ìkarùn-ún, ẹ kọ èyí, kí ẹ fà á dé ìsàlẹ̀:

```
=RAND()
```

Àwọn nọ́ńbà yìí máa ń yí padà nígbàkigbà tí ẹ bá fọwọ́ kan ìwé náà. Nítorí náà, ẹ ṣe ẹ̀dà òpó náà, kí ẹ fi Ctrl+Shift+V lẹ̀ ẹ́ sórí ara rẹ̀ kó lè dúró sójú kan. Ẹni tí kò bá ṣe èyí máa rí i lọ́jọ́ kejì pé ètò rẹ̀ ti dàrú. Lẹ́yìn náà, ẹ to ìwé náà ní ìlú-ìlú, lẹ́yìn ìlú ẹ tò ó ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, kí ẹ tó wá fi nọ́ńbà kèké tò ó. Ẹ wá kọ A, B, A, B láti òkè dé ìsàlẹ̀. Báyìí, Ìbàdàn á pín sí méjì ọgbọọgba, Abẹ́òkúta náà á pín bẹ́ẹ̀, àwọn girama kò sì ní kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Òpó ìkẹrin, ti ẹni tó ni ilé-ìwé, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Ẹnì kan lè ní ilé-ìwé mẹ́ta, kí àdírẹ́sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra. Tí A bá bọ́ sí ọ̀kan tí B sì bọ́ sí òmíràn, ẹni kan náà ló máa ka méjèèjì, á sì yà á lẹ́nu. Tí ó bá sì dáhùn lórúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìpinnu ẹnì kan ti di ìdáhùn mẹ́ta nìyẹn. Ẹ fi ilé-ìwé kan ṣoṣo dúró fún onílé-ìwé kan.

Ẹ má fi gbogbo A ránṣẹ́ tán kí ẹ tó kan B. Lójoojúmọ́, láti Ajé dé Ẹtì, kí 20 A àti 20 B jáde ní àárọ̀ kan náà, kí wọ́n máa tẹ̀ lé ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí iná bá lọ tàbí tí ìsinmi bá bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀, apá méjèèjì ló máa fara gbá a bákan náà. Àsìkò nínú ọdún ìwé náà ṣe pàtàkì: ọ̀sẹ̀ ìdánwò àti ọ̀sẹ̀ ìwọlé kò lè mú ìdáhùn kan náà wá. Tí ẹ bá fẹ́ rán wọn létí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni, lẹ́yìn ọjọ́ 7, kí ọ̀rọ̀ ìránnilétí náà sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo fún A àti B.

Ìdáhùn kò ní gba inú ímeèlì nìkan wọlé o. Ọ̀pọ̀ onílé-ìwé máa ka ímeèlì yín, wọ́n á wá pè yín tàbí kí wọ́n kọ̀wé lórí Wásáàpù. Tí ẹ kò bá ka àwọn wọ̀nyí, iye yín á kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé apá A ló máa pàdánù jù, torí ẹni tó fẹ́ dá ọjọ́ ìpàdé ló sábà máa ń gbé fóònù. Kí ẹni tó bá gbé ìpè kọ́kọ́ béèrè orúkọ ilé-ìwé, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé náà lójú ẹsẹ̀. Ímeèlì tó bá padà wá pé àdírẹ́sì náà kò sí, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ fi ránṣẹ́. Àmọ́ tí èyí tó padà ní apá kan bá pọ̀ gan-an ju ti èkejì lọ, ẹ dúró kí ẹ wádìí, torí kèké tí a ṣẹ́ dáadáa kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀.

Tí àbúrò yín bá ti fẹ́ràn ọ̀kan nínú ẹ̀dà méjèèjì, kó má jẹ́ òun nìkan ló ń pinnu ìdáhùn tó yẹ ní kíkà. Ohun mẹ́ta tí ẹ kọ sílẹ̀ ṣáájú ni kí ẹ máa fi wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ ṣe máa ka èsì rẹ̀

Ká ní lẹ́yìn ọjọ́ 21, ilé-ìwé 16 ló ṣe ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta náà. √16 jẹ́ 4, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 8. Tó bá jẹ́ 9 sí 7, àlàfo 2 kò sọ ohunkóhun. Tó bá jẹ́ 12 sí 4, àlàfo 8 dúró gẹ́lẹ́ lórí ààlà, kò rékọjá rẹ̀: èyí lè wáyé lásán ní nǹkan bí ìgbà 8 nínú 100, ó yẹ kó mú yín fura, kò tíì tó kí ẹ gbà. Tó bá jẹ́ 13 sí 3, àlàfo 10 ti rékọjá, nǹkan bí ìgbà 2 nínú 100 ni irú rẹ̀ ń wáyé lásán, ẹ lè gbé èyí tó borí náà lọ.

Ẹ má ṣe máa ka iye yìí lójoojúmọ́ pẹ̀lú èrò pé ọjọ́ tí B bá rékọjá ààlà lẹ máa dúró. Ìbẹ̀rẹ̀ ìdánwò ni iye máa ń mì jù, ẹni tó bá sì yẹ̀ ẹ́ wò nígbà púpọ̀ á rí ọjọ́ kan tí àǹfààní lásán á ti sọdá. Ìgbà 5 nínú 100 tí ìlànà náà ṣèlérí wà fún ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan, ní ọjọ́ tó ti dá ṣáájú.

Ó yẹ kí ẹ sì mọ ohun tí ìdánwò 100 sí 100 kò lè ṣe. Ká ní B fi ìlọ́po méjì dára ju A lọ lóòótọ́, tí A ń mú 7.5 wá nínú 100 tí B sì ń mú 15 wá, ìdánwò tó tóbi tó báyìí máa rí i kedere ní nǹkan bí ìgbà 4 nínú 10 péré. Kí ó tó lè rí i ní ìgbà 8 nínú 10, ẹ nílò nǹkan bí ilé-ìwé 280 ní apá kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí "a kò rí ìyàtọ̀" kò fi jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú "kò sí ìyàtọ̀". Bákan náà ni ẹ̀dà tí kò mú ìdáhùn kankan wá nínú 40: ó ṣì lè jẹ́ ímeèlì tó ń mú tó 7 nínú 100 wá, ẹ má fi òdo kan pa á.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ so ìdánwò pọ̀. Ẹ pinnu lónìí pé ìpele mẹ́ta ni ẹ máa ṣe, ọ̀kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ilé-ìwé 200 tuntun nígbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá ti ìpele kejì àti ìkẹta ní ìlú mìíràn, gbólóhùn méjèèjì láìyí wọn padà, kèké tuntun nígbà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìpele kẹta, ẹ ro gbogbo A pọ̀, kí ẹ ro gbogbo B pọ̀, kí ẹ sì lo √ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. 300 sí 300 ti kọjá iye tí mo dárúkọ lókè. Ẹ má ro 3 àti 6 ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn, torí ìlú àti ọjọ́ ti dà á pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn.

Láàárín ìgbà yẹn, tí iṣẹ́ bá pọndandan tí ẹ sì ní láti mú ọ̀kan fún ilé-ìwé tí kò sí nínú ìdánwò, ẹ mú èyí tí iye rẹ̀ ga díẹ̀ jù tàbí èyí tó rọ̀ yín lọ́rùn jù láti tẹ̀ lé. Kò sí ewu nínú rẹ̀. Ẹ ṣáà kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yín pé ẹ mú un ni, ẹ kò tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Tí 300 sí 300 bá sì parí tí àlàfo kò sọdá, ẹ fi ìbéèrè ìparí sílẹ̀, kí ẹ gbé àkọlé wá fún ìpele tó kàn, pẹ̀lú kèké àti ohun mẹ́ta kan náà tí ẹ ń kà.